Ta Ló Ń Jẹ Dátà Màmá?

Ọjọ́ kẹfà tí a gbé tẹlifíṣàn sìmáàtì sí pálọ̀ Màmá ní Òkè-Ṣopin, Ìjẹ̀bú-Igbó, ni dátà 40 GB tí a rà fún odindi oṣù kan tán. Ó pè mí ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje. A kò tíì kí ara wa tán tí ó fi sọ fún mi pé òun ti mọ olè.

"Ọmọbìnrin tó gba yàrá iwájú ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ ló jókòó sí nígbà tí o ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà yẹn. Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù."

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ọmọbìnrin náà ń kọ́. Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta tó ti ń gbé nílé wa, òun ló sì máa ń bá Màmá pọn omi nígbà tí èmi àti àbúrò mi kò bá sí nílé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, bí ó bá kúnlẹ̀ kí Màmá, Màmá kò dá a lóhùn. Èmi ni mo to tẹlifíṣàn náà, nítorí náà ẹjọ́ ọ̀hún kàn mí. Mo wọkọ̀ lọ sílé ní ọjọ́ Jímọ̀ láti lọ wá olè.

Ẹ̀rọ Wáífáì kékeré tí a máa ń ki káàdì SIM bọ̀ ni Màmá ń lò. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ojú ewé ìṣàkóso kan, a sì máa ń kọ àdírẹ́sì ojú ewé náà sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tó bá ti so fóònù rẹ̀ mọ́ Wáífáì náà lè tẹ àdírẹ́sì yìí, yóò sì rí orúkọ gbogbo ohun tó so mọ́ ọn. Méjì péré ni mo rí: fóònù Màmá àti tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n Màmá ní ọmọ náà lè ti pa tirẹ̀ nígbà tó rí i pé mo dé. Òótọ́ ni, ó ṣeé ṣe. Mo wá yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, mo fún tẹlifíṣàn nìkan, mo ra dátà díẹ̀ sí i, mo kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, a sì jókòó wo fíìmù fún ìṣẹ́jú 15. Nígbà tí mo tún wo iye tó kù, 700 MB ti lọ. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, yóò fún yín ní 2.8 GB fún wákàtí kan.

A rí olè. Àárín pálọ̀ ló wà, òun ni gbogbo wa sì ń wò.

Wáífáì kò sọ ibi tí dátà ti wá

Nígbà tí fóònù bá ń lo dátà inú káàdì SIM tirẹ̀, ó mọ̀ pé owó ń lọ, ó sì máa ń ṣọ́ ọ ná dé ìwọ̀n kan. Tẹlifíṣàn kò ní káàdì SIM. Wáífáì nìkan ló mọ̀. Àwọn tó ṣe é ronú ilé tí a fi wáyà fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọ̀, tí onílé ń san iye kan náà lóṣooṣù, ì báà lo díẹ̀, ì báà lo púpọ̀. Bí tẹlifíṣàn bá ti rí Wáífáì, ó gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ ni òun wà. Kò sí ohun tó sọ fún un pé láti inú 40 GB tí Màmá fi owó tó rí lórí ọjà rà ni Wáífáì yìí ti ń wá.

Nítorí náà, yóò dán ọ̀nà wò, yóò sì mú àwòrán tó mọ́lẹ̀ jù lọ tí ọ̀nà náà lè gbé. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò bá ṣe dára tó ni dátà yóò ṣe yára tán tó. Ní alẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já gaara ní Òkè-Ṣopin, tí Màmá ń dúpẹ́ pé àwòrán kò dúró rárá, alẹ́ náà gan-an ni owó rẹ̀ ń jó jù.

Netflix ti ṣe àlàyé ìṣirò tirẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Ìpele tó kéré jù, tí wọ́n pè ní Low, kì í ju 0.3 GB lọ ní wákàtí kan. Èyí tó wà láàárín, Medium, kì í ju 0.7 GB lọ. Èyí tó ga jù, High, lè jẹ tó 3 GB bí àwòrán bá jẹ́ HD, ó sì lè tó 7 GB fún ẹni tó ń san owó ètò tó gbówó lórí jù, tí tẹlifíṣàn rẹ̀ sì lè gbé àwòrán 4K. Bí a kò bá yan ìkankan, Auto ni yóò wà, èyí ni pé tẹlifíṣàn ni yóò máa yàn fún ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi fíìmù kan wọ̀n ọ́n. Aníkúlápó tí Kúnlé Afọláyan ṣe, tó dé orí Netflix ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, gùn tó wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 22. Ní ìpele High, fíìmù kan ṣoṣo yìí lè jẹ 7 GB. Ní Medium, kò ní tó 2 GB. Ní Low, díẹ̀ ni yóò fi ju 0.7 GB lọ. Màmá máa ń wo nǹkan fún bí wákàtí 2 lálaalẹ́. Lórí HD, 6 GB lalẹ́ kan, a jẹ́ pé 40 GB kò lè kọjá alẹ́ keje. Lórí Medium, 1.4 GB lalẹ́ kan, 40 GB yìí kan náà yóò tó alẹ́ 28. Owó kan náà, fíìmù kan náà, ẹni kan náà ló ń wò ó. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ láyè láti fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó tí wọ́n ń gbà, ìyàtọ̀ yìí ti kúrò ní ohun tí a lè fojú fò.

Ibi tí a ti ń fún ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀

Mo kọ́kọ́ ṣí Netflix lórí tẹlifíṣàn Màmá, mo wá ibi tí mo ti lè dín ìpele kù. N kò rí i níbẹ̀. Orí ojú ewé àkáǹtì ni wọ́n fi í sí, a sì gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀rọ aṣàwárí lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà wọ ibẹ̀: `netflix.com/account`. Ẹ ó yan orúkọ ẹni tó ń wò, ẹ ó sì lọ sí `Playback settings`. Ẹ ó rí `Data usage per screen`. Mo yan Medium fún Màmá, mo sì fi pamọ́. Bí ẹ bá rí i pé kò tíì yí padà lórí tẹlifíṣàn, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì níbẹ̀, kí ẹ sì tún wọlé.

Ti YouTube yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ fíìmù Yorùbá tí Màmá ń wò níbẹ̀ pọ̀ ju ti Netflix lọ. Bí fídíò bá ń lọ, ẹ tẹ àmì jíà, kí ẹ yan `Quality`, kí ẹ sì mú 480p. Lórí tẹlifíṣàn ńlá, àwòrán rẹ̀ kì í mú bí abẹ, ṣùgbọ́n ojú ẹni kò ṣòro í dá mọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé fídíò tó tẹ̀ lé e lè padà sí Auto. Èyí ló mú kí n pa `Autoplay`, ohun tó ń jẹ́ kí fídíò kan gbé òmíràn dìde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Màmá máa ń sùn lọ lórí àga ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Òun sùn, tẹlifíṣàn kò sùn.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sí ìdí ẹ̀rọ náà gan-an. Ní ọdún 2020, Google bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn irinṣẹ́ kan sórí tẹlifíṣàn tó ń lo Android TV, Íńdíà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ gbé wọn jáde, nítorí pé dátà fóònù ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ fi ń wo tẹlifíṣàn bíi tiwa. Ọ̀kan nínú wọn ni `Data Saver`. Bí ó bá wà lórí tiyín, inú `Settings`, lábẹ́ `Network & Internet`, ni ẹ ó ti bá a. Ó máa ń dín ìpele àwòrán kù. Mo tún wọ Play Store orí tẹlifíṣàn, mo pa `Auto-update apps`, kí àwọn áàpù má baà máa mú ara wọn dójú ìwọ̀n ní òru. Ẹ má ṣe pa á tì títí ayé ṣá o. Mo máa ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n náà fúnra mi bí mo bá ra dátà òru tó rọrùn.

Ẹni tó ránni níṣẹ́ kọ́ ló ń ru ẹrù

Àbúrò mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ, Àgọ́-Ìwòyè, wá sílé ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ìyẹn kò lè ṣe mí. Láti orí fóònù ni mo máa ń gbé fíìmù sórí tẹlifíṣàn, mo sì ti yan `Save Data` lórí fóònù mi tipẹ́." Mo bi í pé báwo ni dátà rẹ̀ ṣe ń tó o sí. Ó dákẹ́.

Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nìyí. Bí a bá tẹ àmì `Cast`, a rò pé fóònù ló ń fa fíìmù wá láti íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì ń dà á sórí tẹlifíṣàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù kàn ń rán tẹlifíṣàn níṣẹ́ ni: lọ mú fíìmù báyìí wá. Tẹlifíṣàn ni yóò lọ fúnra rẹ̀, ìpele tirẹ̀ ni yóò sì lò. Ohun tí a yàn lórí fóònù kò kàn án, nítorí pé fóònù kò ru nǹkan kan.

Mo fi hàn án. Lórí YouTube inú tẹlifíṣàn, nínú `Settings`, ibì kan wà tó ń jẹ́ `Link with TV code`. Ó máa ń fúnni ní nọ́ḿbà kan. Àbúrò mi tẹ nọ́ḿbà náà sínú YouTube tirẹ̀, lábẹ́ `Watch on TV`. Nígbà tó padà dé Àgọ́-Ìwòyè ní ìrọ̀lẹ́, ó fi fíìmù kan ránṣẹ́ láti yàrá rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn Màmá ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ó sì pa fóònù rẹ̀ pátá. Fíìmù kò dúró. Màmá wò ó dé òpin. Bí fóònù bá ń ru fíìmù náà ni, kò bá ti dúró lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà, èyí tí tẹlifíṣàn fi ń di dígí fóònù. Fóònù kan ń pè é ní `Smart View`, òmíràn `Cast screen`. Ní ti èyí, fóònù ni alábàárù lóòótọ́: ohun tó wà lójú rẹ̀ ni tẹlifíṣàn ń fi hàn, ìpele tí a yàn lórí fóònù ni a ó sì rí. Ó ń jẹ bátìrì púpọ̀, ìpè tó bá wọlé yóò fara hàn lójú gbogbo ilé, Netflix sì lè sọ ojú tẹlifíṣàn di dúdú nítorí òfin ẹni tó ni fíìmù. Ṣùgbọ́n fún fídíò tó ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀, kò jẹ dátà rárá.

Hótísípọ́ọ̀tù fóònù ni àbúrò mi fi ń fún tẹlifíṣàn rẹ̀ ní íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ọjọ́ tí òun yí fóònù padà, tẹlifíṣàn kò rí hótísípọ́ọ̀tù náà mọ́, òun sì ti ń múra láti gbé e lọ fún oníṣẹ́. Ìdí rẹ̀ rọrùn. Ojú òpó 5 GHz ni fóònù tuntun náà ń lò, 2.4 GHz nìkan sì ni ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tí owó rẹ̀ kò pọ̀ mọ̀. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń tún hótísípọ́ọ̀tù ṣe, ẹ wá `Band`, kí ẹ mú 2.4 GHz. Láti mọ iye tó ń jẹ, ó ń tẹ *323# kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, bí mo ṣe ṣe nílé Màmá. Nọ́ḿbà kan náà ni gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò báyìí.

Ní Ìbíadé, kò sí ohun tó ń ṣàn

Ọjọ́ Àìkú ni Màmá rán mi sí àbúrò rẹ̀ ní Ìbíadé, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì. Wọ́n ti ra tẹlifíṣàn fún òun náà, wọ́n sì ní kò ṣiṣẹ́. Mo bá ìṣòro méjì tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ra.

Èkíní, tẹlifíṣàn ní òun ti so mọ́ Wáífáì, ṣùgbọ́n kò sí áàpù kan tó ṣí. Iná ti lọ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó dé. Nígbà tí mo wo déètì rẹ̀, ọdún tó ti kọjá ló wà níbẹ̀. Bí tẹlifíṣàn bá ń bá íńtánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ó máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí ibi tó ń lọ wò, ìwé náà sì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí aago tirẹ̀ bá ti ṣìnà, yóò rò pé ìwé ayédèrú ni, yóò sì kọ̀ ọ́. Mo wọ `Date & time`, mo fi ọwọ́ tún déètì ṣe, YouTube sì ṣí.

Èkejì kò ní àtúnṣe lórí tẹlifíṣàn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dé ilé Ìyá Ìbíadé kò gbé fídíò. Àní ní 240p, ó ń wò díẹ̀, ó ń dúró púpọ̀. Àwọn tó wà nítòsí ní kí n ra ẹ̀rọ Wáífáì tó lágbára jù fún un. Ẹ̀rọ kò lè mú ohun tí kò sí lójú ọ̀run wá. Mo bi Ìyá pé kí ni wọ́n fẹ́ wò gan-an. Wọ́n ní fídíò ìsìnkú ìyá wọn, èyí tó wà lórí fóònù mi láti ọdún tó kọjá, àti fíìmù tí kò bá ti pọ̀ jù.

Fíláṣì ló yanjú èyí. Mo kó fídíò ìsìnkú náà sórí rẹ̀, mo kì í bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣàn. Ohùn jáde, àwòrán kò jáde. Bí ẹ bá rí irú èyí, fíláṣì kò bàjẹ́: fóònù ló ká fídíò náà ní ọ̀nà HEVC tó ń fún fáìlì pọ̀ kó lè kéré, tẹlifíṣàn yẹn kò sì lè tú u. Mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣàn gẹ́gẹ́ bí dígí ní ọjọ́ náà, wọ́n sì wò ó tẹkún tẹ̀rín. Nígbà tí mo padà délé, mo yí fídíò náà sí H.264 lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi fíláṣì ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ kíyè sí i pé fíláṣì tí a tò sí FAT32 kò ní gba fáìlì kan tó bá ju 4 GB lọ. exFAT ń gbà á, bí tẹlifíṣàn yín bá lè kà á.

Áàpù Files tí Google ṣe náà ní àmì `Cast` tó ń gbé fídíò inú fóònù sórí tẹlifíṣàn láìfa fíìmù láti íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣàn ṣì ń fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì díẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní Àgọ́-Ìwòyè, ó dára. Ní Ìbíadé, fíláṣì ni.

Ohun tó kù

Dátà Màmá ní oṣù tó tẹ̀ lé e tó ọjọ́ 29. Ó pè mí láti sọ ọ́, ó sì ní àwòrán kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti mọ̀ ọ́n lára.

Mo bèèrè ọmọbìnrin yàrá iwájú. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì. Ó ní òun ti pè é wá sí pálọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí mo padà, òun sì ti sọ fún un pé òun ṣì í gbọ́. Ọmọ náà ní òun kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dátà ni, òun rò pé nítorí owó ilé tó pẹ́ ni. Láti ìgbà náà, àwọn méjèèjì ló ń jókòó wo fíìmù lálẹ́. Bí Màmá bá ti sùn lọ lórí àga, òun ló ń pa tẹlifíṣàn.